Tanwíjì gọ́tà yàtọ̀ sí tanwíjì ipa táyà: iṣẹ́ ìlera fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Ógbómọ̀ṣọ́

Tíṣà Ìjẹrù

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀kọ́ ìlera ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n fún kíláàsì ní iṣẹ́ kan tí wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe. Mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí mo lè mú nínú rẹ̀: oúnjẹ aṣaralóore, dídènà ibà, ọwọ́ fífọ̀, àti ìlera ọkàn. Ogójì ni àwọn ọmọ náà, kò sì sí owó. Èwo ni kí n mú, báwo ni kí wọ́n sì ṣe é tí kò fi ní jẹ́ pé wọ́n kàn ya àwòrán lẹ̀ mọ́ ògiri?

Ọmọ Ajílété

Ibà ni kí ẹ mú, Tíṣà. Ẹ kó wọn jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n ko gbogbo gọ́tà tó yí ọgbà ká, kí wọ́n sì gé koríko. Ìdọ̀tí ló ń bí ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Bí gọ́tà bá ti mọ́, ibà á lọlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, òun náà la ṣì ń ṣe ní àdúgbò wa.

Wolé-wolé Àtijọ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti wo inú omi púpọ̀ nílùú yìí. Èmi náà á ní kí ẹ mú ibà, àmọ́ mi ò ní gba ọ̀nà tí Ọmọ Ajílété là sílẹ̀. Kó má bínú sí mi.

Ẹ̀fọn inú gọ́tà dúdú ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ọṣẹ àti omi abọ́ ń ṣàn sí, kì í sábà jẹ́ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Kúlẹ́kísì ni wọ́n ń pè é. Ó ń jẹni, ó ń kùn sí wa létí lóru, ó yẹ ká lé e lọ. Ṣùgbọ́n anófẹ́lísì tó ń gbé ibà, omi tí kò jìn tí oòrùn sì ń tàn sí ló fẹ́ràn láti yé sí: omi òjò tó dúró sínú ipa táyà tírélà tó gbé yanrìn wá, inú ojú ẹsẹ̀ màlúù, inú kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀. Àwọn ọmọ lè ko gọ́tà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ, kí ipa táyà ẹnu géètì sì máa bí anófẹ́lísì lọ lẹ́yìn wọn.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá tanwíjì, kí wọ́n mọ èyí tí í ṣe èwo, kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Ìgbákọ funfun kan àti abọ́ funfun kan ti tó fún ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún. Tí wọ́n bá dé etí omi, kí wọ́n dúró síbi tí òjìji wọn kò ti ní bọ́ sórí omi, torí bí tanwíjì bá ti rí òjìji, ìsàlẹ̀ ló máa sá lọ. Kí wọ́n ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n wá fi ẹnu ìgbákọ bu omi láti etí, jẹ́ẹ́jẹ́. Ìgbà mẹ́wàá ni kí wọ́n bù ú níbi kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé, kí iye tí wọ́n kọ síbí lè ṣe é fi wé iye tí wọ́n kọ síbòmíràn.

Kí wọ́n da omi náà sínú abọ́, kí wọ́n jẹ́ kó rọlẹ̀. Tanwíjì tó bá na gbalaja sójú omi bí igi ìṣáná, anófẹ́lísì ni. Èyí tó bá fi ìdí kan ojú omi, tí orí rẹ̀ wá dorí kodò sísàlẹ̀, kúlẹ́kísì ni, tàbí ẹ̀fọn mìíràn tí wọ́n ń pè ní ẹ́dísì. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ orí omi ni gbogbo wọn ń mí. Àwọn tó ń dorí kodò ní fèrè kékeré kan nídìí tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́. Anófẹ́lísì kò ní fèrè yẹn, àfi kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbogbo lélẹ̀ sójú omi kó tó lè mí. Ọmọ tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé mọ́.

Láti ẹyin títí di ẹ̀fọn tó ń fò, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni nígbà tí ara ilẹ̀ bá móoru. Ẹ má jẹ́ kí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín ìgbà tí wọ́n wò ó àti ìgbà tí wọ́n á tún padà lọ wò ó.

Olùkọ́ Ọ̀la

Ẹ káalẹ́ o. Èmi náà ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ta ló ní orí kejì tó ti pé nílẹ̀? Olùdarí iṣẹ́ mi ní kí n pín ìwé ìbéèrè fún 200 ọmọ, àmọ́ mi ò tíì mọ ohun tí n máa bi wọ́n. Ṣé mo lè bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Olùkọ́ Ọ̀la, iṣẹ́ kíláàsì ni Tíṣà ń béèrè, kì í ṣe ìwé àṣekágbá, a ò sì ní orí kejì níbí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o fẹ́ bi wọ́n yẹn, gbogbo ọmọ ló máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. O máa pín 200 ìwé, o ò sì ní mọ ohun kan kún èyí tí o ti mọ̀. Bi wọ́n pé: "Lálẹ́ àná, níbo lo sùn? Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lórí ibi tí o sùn?" Ìdáhùn yẹn á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n.

Tíṣà, ìmọ̀ràn Bàbá dára, mo sì fẹ́ fi ìdajì tó kù kún un. Anófẹ́lísì kì í sábà jẹni lọ́sàn-án. Láti alẹ́ títí di ìdájí ló ń jẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òru ọ̀gànjọ́ nígbà tí èèyàn ti sùn lọ. Ìyẹn ni pé ilé ni ẹ̀fọn ibà ti ń jẹ àwọn ọmọ yín, kì í ṣe ní kíláàsì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí nẹ́ẹ̀tì bá wà, ìyá àti ọmọ ọwọ́ ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 ni wọ́n ń tẹ́ ẹní fún ní pálọ̀. Ara wọn ti ń mọ ibà gbé díẹ̀díẹ̀, ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n má dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀fọn tó bá jẹ wọ́n á wá gbé e lọ fún ọmọ kékeré tó wà nínú yàrá. Kí iṣẹ́ yín dé orí ẹní yẹn.

Ní ti ìlera ọkàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín ìwé tó ń bi ọmọ bóyá inú rẹ̀ ń bàjẹ́ tàbí bóyá ó ti ro ikú rí, bí kò bá sí olùgbani-nímọ̀ràn kan nílé ìwé tó lè pe ọmọ náà jókòó lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ kan lè kọ òtítọ́ síbẹ̀, kí ìwé náà wá wà nínú dírọ́wà yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gbọ́ wọn.

Ọwọ́ fífọ̀ á wọ inú iṣẹ́ ibà fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan omi gọ́tà gbọ́dọ̀ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó jẹun. Èyí tó bá ní egbò lọ́wọ́, kó máa kọ iye sílẹ̀, kó má bu omi.

Ìyá Ìbejì Sábó

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 14 ní ibà. Wọ́n gún un níka, ìlà méjì yọ, wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ yá. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, mo tún ra ìdánwò náà ní kẹ́mísì láti fi wò ó, ìlà méjì tún yọ. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n tún ra òmíràn. Ṣé oògùn àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun kan tí kòkòrò ibà tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ìdánwò yẹn ń wá, kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Kòkòrò lè ti kú tán, kí ohun náà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Torí náà, ìlà méjì lọ́jọ́ kejìlá, tí ọmọ sì ń jẹun, tí ara rẹ̀ kò gbóná, kò tó ìdí láti ra oògùn mìíràn. Bí ara gbígbóná bá padà wá, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, ìyẹn ló ń fi kòkòrò tó wà láàyè hàn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ó lo oògùn náà tán, ẹ̀ẹ̀mẹfà pérépéré?

Ìyá Ìbejì Sábó

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo páálí náà ni. Oògùn ọjọ́ kẹta gbáko ló wà níbẹ̀. Ó ní ara òun ti yá lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Èyí yí ọ̀rọ̀ mi padà, Màmá. Ẹ má fún un ní èyí tó ṣẹ́kù, ẹ má sì ra òmíràn ní kẹ́mísì. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kódà bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, ẹ mú páálí náà dání, ẹ sọ fún wọn bó ṣe jẹ́ gan-an. Bó bá sì jẹ́ lálẹ́ yìí ni ara rẹ̀ gbóná, tàbí tó ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ọmọ Ajílété

Bàbá Wolé-wolé, mi ò bínú o. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ékòó ní wọ́n ti rí ẹ̀fọn ibà nínú gọ́tà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò wá ṣìnà pátápátá. Ohun kejì: kí ló dé tí wọn ò kàn lọ gba ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti lò, kí wọ́n dà á sínú gbogbo omi tó dúró? Ó ń pa tanwíjì lójú ẹsẹ̀, mo ti ṣe é rí.

Wolé-wolé Àtijọ́

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ní ìlú ńlá bí Èkó, àwọn onímọ̀ ti rí anófẹ́lísì nínú omi ẹlẹ́gbin. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé "kì í sábà", mi ò sọ pé kò sí rárá. Ìdí kan náà ni mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó fúnra wọn, kí wọ́n má gbà á lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá rí èyí tó na gbalaja nínú gọ́tà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ́ìlì, àwa náà da epo sójú omi nígbà iṣẹ́ wa. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń dí ojú afẹ́fẹ́ tí tanwíjì ń mí. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì mẹkáníìkì ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó lè yọ́ wọ inú kànga, òjò ńlá kan péré ló sì máa gbé e lọ. Mi ò ní gbé e lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́.

Ọmọ Ajílété

Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n kòtò tó wà níwájú ilé mi fẹ̀ tó yàrá méjì. Kò sẹ́ni tó máa ru erùpẹ̀ tó lè kún un. Bí kì í bá ṣe ọ́ìlì, kí ni kí n ṣe sí i?

Wolé-wolé Àtijọ́

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dagẹrẹ, ẹ la ojú omi fún un kó lè ṣàn lọ. Bí kò bá dagẹrẹ, àfi kí àdúgbò jọ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò ní tẹ́ ọ lọ́rùn.

Tíṣà Ìjẹrù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Òkúdù, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. Ibi márùn-ún la wò.

Ní gọ́tà ẹ̀yìn ilé ìdáná, tanwíjì pọ̀ débi pé àwọn ọmọ dẹ́kun kíkà nígbà tó kọjá 100. Gbogbo rẹ̀ ló dorí kodò. Ní ipa táyà inú ọgbà, lẹ́bàá géètì níbi tí típà já yanrìn sí, mẹ́sàn-án péré, gbogbo rẹ̀ ló sì na gbalaja. Ní kòtò tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù gbẹ́ tì, mẹ́rin na gbalaja, méjì dorí kodò. Àwọn táyà àlòkù níwájú ìsọ̀ fókánáísà tó kọjú sí wa kò gba ìgbákọ, a fi kọ́ọ̀pù gbọ́n omi inú wọn: mẹ́tàdínlógún, wọ́n ń ta bí ejò, gbogbo wọn dorí kodò. Àmù kíláàsì kò ní nǹkan kan, ó ní ìdérí.

Wàhálà kọ́kọ́ wà o. Ẹgbẹ́ kẹta ní tiwọn na gbalaja nínú gọ́tà, wọ́n sì ń jiyàn gidi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rí i pé wọn ò jẹ́ kí omi rọlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dà á sínú abọ́ ni wọ́n ń wò ó, tanwíjì sì ṣì ń wẹ̀ kiri. A jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gòkè wá, wọ́n fi ìdí kan ojú omi, wọ́n so rọ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn pariwo pé: "Ẹ wò ó, ó ń mu afẹ́fẹ́!" Ẹgbẹ́ mìíràn ka ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ tanwíjì. Àwọn kan sì bi mí nípa èyí tó ká bí ìwọ̀ ẹja, tí kò jẹun, tó kàn ń ta kiri. Mi ò mọ èyí tí mo lè sọ.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti erùpẹ̀ dí ipa táyà náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a padà lọ: òfo. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn ti lé ibà kúrò nílé ìwé.

Wolé-wolé Àtijọ́

Ẹ ṣe é gan-an, Tíṣà. Èyí tó ká bí ìwọ̀ yẹn, ohun tí tanwíjì ń dà nígbà tó bá dàgbà tán ni. Bí ọjọ́ méjì sí i, á di ẹ̀fọn, á fò lọ. Bí ẹ bá rí i níbi kan, ẹ mọ̀ pé omi ibẹ̀ ti pẹ́ tó láti tọ́ ẹ̀fọn dàgbà. Ti inú táyà fókánáísà, mo gbà pé ẹ́dísì ni. Ọ̀sán ló ń jẹni, kì í gbé ibà tí à ń wí yìí, àmọ́ ó lè gbé ibà pọ́njú. Kí fókánáísà dá àwọn táyà náà dúró síbi tí òjò kò ti ní bọ́ sínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ yẹn. Ṣé òjò rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì? Ẹ lọ wo ipa táyà kan tí ẹnikẹ́ni kò dí, lójú títì, níta géètì. Bí òun náà bá ṣófo, oòrùn ló gbẹ ẹ́, kì í ṣe àwọn ọmọ.

Tíṣà Ìjẹrù

Bàbá, mo dákẹ́ nígbà tí mo ka ìbéèrè yín. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. A jáde lọ wo ipa táyà ojú títì: ó gbẹ táútáú, òun náà ṣófo. Mo ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Àwọn kan bínú, àmọ́ wọ́n pa á rẹ́.

Tíṣà Ìjẹrù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀)

Òjò ti padà. Níta, nínú ipa táyà tí a kò fọwọ́ kàn, ìgbà mẹ́wàá tí a bù ú, mọ́kànlá tó na gbalaja. Nínú ọgbà, ibi tí a dí, kò sí omi rárá, ká má tíì sọ tanwíjì. Èyí ni wọ́n wá kọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan bi mí níbo la ti wa erùpẹ̀ tí a fi dí i. A lọ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni wọ́n ti wà á, ibẹ̀ ti di kòtò, omi òjò ti dúró sínú rẹ̀, oòrùn sì ń tàn sí i. Mẹ́ta na gbalaja níbẹ̀. Àwa la gbẹ́ ilé tuntun fún un.

Wolé-wolé Àtijọ́

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà lẹ́nu iṣẹ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pamọ́. Òkè tó ga nínú ọgbà ni kí wọ́n ti máa bu erùpẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ wọlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ pé ibà dínkù. Iye tanwíjì ni wọ́n kà, wọn ò ka aláìsàn. Ẹ̀fọn sì lè fò wá láti ilé tó jìnnà sí yín tó kìlómítà kan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Tíṣà, báwo ni ti nẹ́ẹ̀tì?

Tíṣà Ìjẹrù

A ṣe é, Nọ́ọ̀sì. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè yín, mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé pélébé láìkọ orúkọ. Nínú ogójì ọmọ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní nẹ́ẹ̀tì nílé. Mẹ́sàn-án péré ló sùn sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ ní gbangba, láìtọ́ka sí ẹnì kan. Wọ́n ní ooru máa ń mú wọn. Wọ́n ní ó ń ta lójú. Wọ́n ní ti màmá àti ọmọ ọwọ́ ni. Ọ̀kan ní nẹ́ẹ̀tì ilé àwọn ló wà lórí àgbàdo tí wọ́n sá.

Ọmọbìnrin kan wá sọ pé màmá òun ní oòrùn àti òróró ló ń fa ibà, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ti rìn nínú oòrùn ni ibà ń dé. Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ má dá màmá rẹ̀ lẹ́bi, ohun tó rí ló sọ. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ dé ọjọ́ tí ara rẹ̀ máa gbóná, ó sábà ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ta ló máa rántí ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Oòrùn àná ni èèyàn ń rántí. Tí ibà bá sì ti ń bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ olóròóró ló kọ́kọ́ ń rí èèyàn lára, ó wá dà bíi pé òróró ló fà á. Ẹ fún ọmọ náà ní kàlẹ́ńdà, kó sàmì sí ọjọ́ tí ara ẹnì kan nínú ilé gbóná, kó ka ọjọ́ mẹ́wàá padà sẹ́yìn, kó wo bóyá wọ́n sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Mi ò sọ pé ìyẹn máa jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n á kọ́ ọ láti má dúró sórí àná.

Èyí tó ń ta lójú, nẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọn ò tíì sá ni. Kí wọ́n sá a síbòòji fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó so ó, kì í ṣe sínú oòrùn, torí oòrùn ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá dọ̀tí, ọṣẹ lásán àti omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tàbí ohun tí wọ́n fi ń bó aṣọ. Ti ooru, mi ò ní ìdáhùn tó dá mi lójú. Èmi náà ti yọ nẹ́ẹ̀tì lára mi rí láàárín òru, nígbà tí iná lọ.

Ìyá Ìbejì Sábó

Nọ́ọ̀sì, mo gbàgbé láti padà wá dúpẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò, wọ́n ṣì rí i. Wọ́n fún un ní oògùn mìíràn, èmi gan-an ni mo dúró tì í títí ó fi lo ẹ̀kẹfà. Nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ìbejì ló ń sùn sínú rẹ̀. Níbo ni kí n fi ẹ̀gbọ́n wọn sí báyìí?

Tíṣà Ìjẹrù

Màmá, ọmọ kan nínú kíláàsì mi náà ń sùn ní pálọ̀, a sì ti jọ ronú lé e. Ó kan ìṣó mẹ́rin mọ́ ògiri, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Lálẹ́, yóò so okùn nẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn, yóò ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní yí ká. Láàárọ̀, yóò tú u, yóò ká a sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò tó dé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣó kẹrin ń yọ, ògiri ibẹ̀ ti rà. Tó bá yọ lóru, nẹ́ẹ̀tì á bọ́ sí i lójú, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wolé-wolé Àtijọ́

Kó fi ìṣó yẹn sílẹ̀. Kó gbé àga onígi gíga kan sí igun yẹn lálẹ́, kó so okùn kẹrin mọ́ ẹ̀yìn àga, kó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ìjókòó rẹ̀ kó má baà ṣubú. Kó kàn rí i pé nẹ́ẹ̀tì náà kò kan ara rẹ̀, torí ibi tí ó bá ti kan awọ, ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́ gba ojú ihò rẹ̀.